Ìlà kọ́lọkọ̀lọ lára etù: ká fi bọ́rọ́ọ̀ṣì pa á rẹ́ ni àbí ká tún un yà?

Ọkọ ìyàwó kan wọ etù wá síbi tí mo ti ń yà fọ́tò l'Álágbàká l'Ákùúrẹ́, òwú ẹ̀ tín-ín-rín gan-an, ìgbà tí mo máa wo fọ́tò, àwọ̀ ewé àti pupa ti ń yí kọ́lọkọ̀lọ láyà ẹ̀. Òwú yẹn ló bá àwọn ojú kéékèèké inú sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà jà. Ẹ kọ́kọ́ sún un dé 100% kẹ́ ẹ tó pariwo o, tó bá pòórá níbẹ̀, sikiríìnì yín ló fà á, fọ́tò ò ṣe nǹkankan. Tèmi ò pòórá.

Mo fi bọ́rọ́ọ̀ṣì inú Lightroom, áàpù tá a fi ń tún fọ́tò ṣe, kùn ún, mo fa Moiré, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe ìlà kọ́lọkọ̀lọ yìí, sí 60. Àwọ̀ yẹn lọ lóòótọ́, àmọ́ ìlà dúdú àti funfun abẹ́ ẹ̀ ò mira, torí àwọ̀ gan-an ló mọ̀ ọ́n pa, tọ́wọ́ yín bá sì kọjá etí aṣọ, àwọ̀ ibòmíì á ṣá.

Mo wá kúkú tún un yà: mo sún sẹ́yìn bí ìṣísẹ̀ méjì, mo fún ojú lẹ́ńsì dé f/16 kí fọ́tò lè rọ̀ díẹ̀, ìlà yẹn tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọkọ ìyàwó náà rọ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ sikiríìnì kọ̀ǹpútà lẹ ń yà, ẹ yí kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọkọ ìyàwó bá ti wọkọ̀ padà sí Oǹdó, bọ́rọ́ọ̀ṣì náà ló kù.