Olórí dúdú, indọ́sítríà àti oníke: èwo ni kí télọ̀ tuntun kọ́kọ́ rà?

Àwọn télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba firídọ̀mù máa ń bi mí nípa ẹ̀rọ ìránṣọ pé, "Àǹtí, ṣé olórí dúdú ni kí n rà ni, àbí indọ́sítríà?" Olórí dúdú ni ẹ̀rọ dúdú tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, indọ́sítríà sì ni ẹ̀rọ ńlá tó ń lo mọ́tò. Èmi ni mo máa ń fi ẹ̀kẹta kún un, torí òun ni mo fi owó mi àkọ́kọ́ rà: èyí funfun oníke tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì, tó ń rán oríṣiríṣi ọnà. Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Aṣọ obìnrin ni mo ń rán jù, bùbá, gáùn léésì àti àǹkárá, nígbà míì mo sì máa ń rán ti ọkùnrin bí ọdún bá sún mọ́lé.

Mi ò ní kọ iye owó síbí, torí kí ẹ tó kà á tán ó ti lè yí padà. Ní ti ariwo, indọ́sítríà ló burú jù. Ní ti ìwúwo, oníke nìkan ni ẹ lè gbé lọ́wọ́ kan. Ọ̀rọ̀ tó ná mi lówó ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn ni pé bí nǹkan bá kán lára ẹ̀rọ yín, ibo lẹ ti máa rí òmíràn?

Ọdún Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí oníke mi dá mi lóró. Mo ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò jíǹsì kan, mo gbọ́ "kà", lẹ́yìn náà ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fo ojú ìrán. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́, mo tún òwú fi sí i, ó ṣì ń fò. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá irin ìsàlẹ̀. Nígbà tí atúnẹ̀rọṣe tú ìdí rẹ̀, ó fi eyín ẹ̀rọ kan hàn mí, ìyẹn wíìlì kékeré eléyín, ike ni, ó ti là láti etí dé àárín. Eyín yìí ló ń so irin òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè jọ rìn. Bó bá ti là, ó máa ń yọ̀, abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ kí ohun tó ń gba òwú tó dé ibẹ̀ tàbí lẹ́yìn tó ti kọjá. Baba náà wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Èyí ò sí lọ́jà. Àfi kí ẹ rí irú ẹ̀rọ yìí tó ti kú, ká yọ ti inú rẹ̀." Atúnẹ̀rọṣe mẹ́ta ni mo tọ̀ lọ. Ẹnì kan lẹ̀ ẹ́ ní gọ́ọ̀mù, ó lo ọjọ́ méjì. Mo gbé aṣọ oníbàárà mọ́kànlá fún télọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ mi, mo sì san owó iṣẹ́ fún un lára èyí tí wọ́n ti san fún mi.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo oníke ló burú. Fún ẹni tó ń rán aṣọ ọmọ rẹ̀ nílé, ó tó. Ṣùgbọ́n kò sí àwòṣe kan tí wọ́n jọ ń tẹ̀ lé: eyín ti èyí kì í wọ tọ̀hún, kódà nígbà míì ti ọdún yìí kì í wọ ti ọdún tó kọjá. Bó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ìdí rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ iná. Bí wọ́n bá kọ 110 síbẹ̀, iná wa tó jẹ́ 220 máa jó o.

Olórí dúdú ò rí bẹ́ẹ̀. Bọ́tafláì ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀, àmọ́ orúkọ tí wọ́n kọ sí i lọ́rùn kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan, torí ara ẹ̀rọ Síńgà kan tó ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti wo àpẹẹrẹ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Nítorí náà, bọ́bìnnì, kéèsì rẹ̀, sọ́tù tó ń gba òwú nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ àti páànù abẹ́ rẹ̀ máa ń bá ara wọn mu láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ iṣẹ́ mi rán píìnì mọ́ aṣọ, abẹ́rẹ́ kán, ṣóńṣó sọ́tù náà sì kán. Mo yọ ọ́, mo fi rán ọmọ náà lọ́jà lórí ọ̀kadà. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, a ti ń ránṣọ padà, èmi fúnra mi ni mo sì fi sí i.

Àwọn ẹ̀rọ indọ́sítríà náà ní ẹ̀yà lọ́jà, nítorí púpọ̀ nínú wọn jọ ń tẹ̀ lé àwòṣe ẹ̀rọ Júkì ti Japan. Àmọ́ ìlú ńlá ni mò ń sọ o. Bó bá sì jẹ́ sọ́tù, tí í yí po gbirigbiri nínú tiwọn, ẹni tó mọ táímíǹgì dáadáa, ìyẹn bí sọ́tù àti abẹ́rẹ́ ṣe ń pàdé lásìkò, ló gbọ́dọ̀ fi sí i. Ẹ tún rántí pé abẹ́rẹ́ wọn yàtọ̀. Ti olórí dúdú tẹ́ pẹrẹsẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ìdí rẹ̀, HAx1 ló wà lára páálí. Ti indọ́sítríà rí roboto, DBx1 ni. Mo ti rí ẹni tó fi ọjọ́ kan gbáko bú ẹ̀rọ tuntun nítorí abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ó ku mọ́tò, mi ò sọ ti ọkọ̀ o. Indọ́sítríà lè gún aṣọ tó ìgbà 5000 ní ìṣẹ́jú kan, olórí dúdú ò ju bí 1000 lọ. Kílọ́ọ̀ṣì ni mọ́tò àtijọ́ tó máa ń wà lábẹ́ indọ́sítríà. Bí ẹ bá ti tan án, ó ń yí lọ ni, ẹ̀ báà máa ránṣọ tàbí kí ẹ máa fi píìnì mú apá aṣọ. 400 wáàtì ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára, ẹ sì máa rò pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbé 650 yóò gbé e pẹ̀lú gílóòbù kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá ń gbéra, ó máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan. Tèmi máa ń mú kí jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, gílóòbù á rẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ á sì kú fin-ín.

Mọ́tò míì tí wọ́n ń pè ní sáfò ló yanjú ìyẹn. Ẹsẹ̀ yín ló ń pè é: ẹ gbé ẹsẹ̀, ó dákẹ́. Ó máa ń gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ sì lè fi bọ́tìnnì dín eré rẹ̀ kù kí ọmọ iṣẹ́ má baà rán ìka mọ́ aṣọ. Ihò tí kílọ́ọ̀ṣì ti wà lábẹ́ tábìlì ló sábà máa ń wọ̀, bẹ́líìtì nìkan lẹ lè ní láti pààrọ̀. Àbùkù rẹ̀ ni bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, iná Nẹ́pà tó bá dé pẹ̀lú agbára lè jó o. Ẹ yọ ọ́ nínú iná bí iná bá ti lọ.

Ní ti olórí dúdú, ẹsẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀. Bẹ́ẹ bá fẹ́, ẹ lè so mọ́tò kékeré mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti gbóná tí ọwọ́ ò gbà á, ẹ padà sí ẹsẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Mi ò gbè sẹ́yìn ìkankan. Ẹni tó ti gba iṣẹ́ aṣọ iléèwé igba, tí iná rẹ̀ ṣe é gbọ́kàn lé, kó ra indọ́sítríà pẹ̀lú sáfò, kó sì máa wo ojú gíláàsì orí rẹ̀ bóyá epo ń ta sókè. Bí kò bá ta, kó dúró. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ kò tíì pé mẹ́wàá, tó ń sanwó ṣọ́ọ̀bù, tí kò mọ ìgbà tí iná ń bọ̀, olórí dúdú ẹlẹ́sẹ̀ ni mo mọ̀ fún un. Méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi títí dòní, indọ́sítríà kan ló wà láàárín wọn.

Bẹ́ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, ẹ yọ bẹ́líìtì, kí ẹ fi ìka kan yí wíìlì. Kò gbọdọ̀ há níbì kankan. Ẹ mi wíìlì náà sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń mì gbọ̀ọ̀gbọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rán léésì fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún rán àǹkárá tí ẹ ká ní ìlọ́po mẹ́jọ, kí ẹ yí aṣọ dojú dé láti wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ilé ni kí ẹ ti mú aṣọ náà lọ. Bí ọlọ́jà bá na àjákù tirẹ̀ sí yín, ẹ má gbà á: àjákù yẹn ni ẹ̀rọ náà ti ń rán látàárọ̀.