Fọ́múlà inú àwòrán: kí fóònù kà á, àbí ká fọwọ́ tẹ̀ ẹ́?

Ká ní oníṣòwò gààrí kan ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́, gba àwòrán ojú Excel lórí WhatsApp, tí fọ́múlà yìí sì hàn lókè rẹ̀:

```
=B2*$H$1
```

B2 ni iye kóńgò tí wọ́n tà, H1 ni owó kóńgò kan.

Kí fóònù ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán náà yá kíákíá, pàápàá bí fọ́múlà bá gùn. Ṣùgbọ́n ó lè ka `$` sí lẹ́tà `S`, kó wá di `=B2*SHS1`. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé Excel ò ní sọ pé àṣìṣe wà, torí SHS1 jẹ́ àpótí gidi, lápá ọ̀tún lọ́hùn-ún. Nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, 0 ni ìdáhùn máa jẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà, tẹ F2: bí àwọ̀ kò bá yí H1 ká, fọ́múlà ti yàtọ̀ nìyẹn.

Fún èyí tó kúrú báyìí, ọwọ́ ni mo fara mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, kọ `=B2*H1`, tẹ bọ́tìnnì F4, Excel á fi `$` méjèèjì sára H1 fúnra rẹ̀.

Èyí tó wù kó o yàn, bí ọjà tìrẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ìlà 5, sọ B2 di B5.