Páìpù rọ́bà, bàbà tàbí irin: ẹ wo oríkèé wọn kí ẹ tó rà

Wọ́n pè mí sí ilé kan ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Ògiri ilé ìdáná wọn ti rin, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ń bó. Páìpù irin ìlàjì-ínṣì ni wọ́n fi kọ́ ilé náà láyé àtijọ́. Púlọ́mbà tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ti fi réńṣì fún ẹ́líbò tó ń jò, ìyẹn oríkèé tó tẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó sì gbẹ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, èyí tó wà lókè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Màmá onílé bi mí pé irin, rọ́bà àbí bàbà ni kí àwọn rà báyìí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo bí omi ṣe ń jáde.

Irin kì í jò lójijì. Síńkì tí wọ́n fi bò ó ni kì í jẹ́ kó dógùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń gé tírẹ́ẹ̀dì sí i lórí, a ti bó síńkì yẹn kúrò, a sì ti sọ ara páìpù di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ rí àbàwọ́n pupa, lẹ́yìn náà omi á máa làágùn jáde. Nígbà mìíràn ìpẹtà fúnra rẹ̀ á dí ihò náà, ẹ ó rò pé ó ti san. Kò san.

Ohun tó sì sún omi lọ sókè lẹ́yìn réńṣì kò ṣòro. Páìpù kan náà ló ní tírẹ́ẹ̀dì ní orí méjèèjì. Bí ẹ bá ń yí i le níhìn-ín, ẹ ń yí i tú lọ́hùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ tún irin ṣe láàárín fi gbọ́dọ̀ gé e, kó sì fi yúníọ̀nù so ó, ìyẹn oríkèé tó ṣeé dè láàárín láì yí páìpù.

Ti rọ́bà yàtọ̀ pátápátá. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í ṣe bíi ti ìwé: ṣe ló ń yọ́ awọ páìpù àti ti sókẹ́ẹ̀tì, tí méjèèjì á fi di ara kan. Èyí tó bá lẹ̀ dáadáa kì í sábà jò mọ́. Èyí tí kò lẹ̀, bóyá torí pé omi wà lára rẹ̀ tàbí pé wọn ò tì í dé ìsàlẹ̀ sókẹ́ẹ̀tì, á tú omi jáde ní kété tí ẹ bá ṣí tánkì, tàbí kó já kúrò lódindi. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù kùn ún lóde, asán ni. Ẹ gé ibẹ̀ dànù, kí ẹ so tuntun. Èmi máa ń jẹ́ kó sùn mọ́jú kí n tó ṣí omi. Bí ẹ bá dé ọjà Ògùnpa, páìpù omi tí ara rẹ̀ nípọn ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ti omi ìdọ̀tí. Ẹ má sì lò ó fún omi hítà, torí bí omi bá ti kọjá 60°C, ó ti ń rọ̀.

Bàbà ló wọ́n jù. Iná ni wọ́n fi ń yọ́ tánńganran sí oríkèé rẹ̀, ìyẹn sì ń fẹ́ ooru tó ju 200°C lọ. Bí omi díẹ̀ bá ṣẹ́kù nínú páìpù, ní 100°C ló ti ń hó, á gbé ooru náà lọ, tánńganran ò sì ní wọlé yí ká. Ihò bíi ojú abẹ́rẹ́ á wá ṣẹ́kù, omi á máa fín jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àbàwọ́n rẹ̀ á sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òjé àwọn onírédíò jó páìpù omi mímu. Bí irin bá sì wà nílé, bàbà ò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀, nítorí omi tó ti bàbà wá máa ń jẹ síńkì ara irin.

Ní Òkè-Àdó, mo gé irin náà: ìpẹtà ti dí inú rẹ̀ débi pé bírò ò lè gbà á kọjá. Kò sí ìdí láti pààrọ̀ ẹ́líbò kan ṣoṣo. A fi í sílẹ̀ nínú ògiri, mo gbé rọ́bà gba ara ògiri lọ sí ilé ìdáná. Ibi tí rọ́bà ti pàdé irin ni mo fara balẹ̀ sí jù. Tírẹ́ẹ̀dì irin máa ń tóbi sí i bó ṣe ń wọlé, bí èèkàn. Bí rọ́bà bá jẹ́ abo, ìyẹn èyí tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà nínú, irin á là á, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, akọ rọ́bà ni mo fi wọ inú abo irin. Mo wé téèpù mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹrin, síbi tí a ó yí i sí, mo fi ọwọ́ yí i títí ó fi le, mo wá fi réńṣì kún un ní ìyípo kan péré.

Nígbà tí a ṣí omi, mo wé tíṣù mọ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan, a sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Ẹyọ kan ló rin: ti fáàfù àtijọ́ tó wà lábẹ́ tánkì, tí a ò tíì fọwọ́ kàn. A pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.