5W-30 àti 20W-50: èwo ni kí ẹ rọ sínú ẹ́ńjìnnì yín?

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí ike ọ́ìlì méjèèjì yìí lórí àtẹ máa ń rò pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ló lágbára jù. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe máàkì. Wíńtà, ìyẹn ìgbà òtútù, ni W dúró fún. Àwọn tó ń sọ pé “weight”, ìyẹn ìwúwo, ni ó dúró fún ṣì í mú. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe máa ṣe nígbà tó bá tutù. Èyí tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe ki tó ní 100 dígíìrì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dénú. Ìdánwò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí nọ́ńbà méjèèjì, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ fi 5 wé 30, kí ẹ wá sọ pé ọ́ìlì náà ń ki sí i bó ṣe ń gbóná. Kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ṣàn sí i bí ooru bá ti ń mú wọn.

Ẹ wo bó ṣe rí. Ní 40 dígíìrì, 5W-30 tó wọ́pọ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 65 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtísítóòkì tí wọ́n fi ń wọn bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Bó bá dé 100 dígíìrì, ó ti já sí bíi 11. Tirẹ̀, 20W-50 máa ń wà ní bíi 165 ní 40 dígíìrì, á sì já sí bíi 18. Bí wọ́n bá gbóná, ìyàtọ̀ wọn kò tó ìlọ́po méjì. Bí ooru bá ti ń lọ sílẹ̀ ni àlàfo náà ń fẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni owó mi ti lọ. Ọkọ̀ mi ní ẹ̀rọ tó ń fi agbára ọ́ìlì yí àsìkò tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí padà, 5W-30 sì ni ìwé rẹ̀ sọ. Ṣọ́ọ̀bù kan rọ 20W-50 sí i, wọ́n ní ó máa “gbé ẹ́ńjìnnì dúró”. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti sítáàtì láàárọ̀, orí ẹ́ńjìnnì á máa ró kẹkẹkẹ, iná ọ́ìlì á sì pẹ́ kó tó kú. Nígbà tó yá, iná ẹ́ńjìnnì tàn. Ohun tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò gbé jáde ni `P0011`, ìyẹn ni pé àsìkò fáàfù ti ṣáájú ibi tó yẹ kó wà. Wọ́n ní fáàfù kékeré tó ń darí ọ́ìlì ti bàjẹ́, mo ra tuntun, iná tún padà. Mẹkáníìkì mìíràn ló fa ìwọ̀n ọ́ìlì yọ, ó jẹ́ kó kán sórí ìka rẹ̀, ó sì béèrè ohun tí wọ́n rọ síbẹ̀. A dà á nù, a rọ 5W-30, iná kú, kò tàn mọ́. Fáàfù àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò ní àrùn kankan.

Ọ́ìlì tó ki jù kì í tètè gba inú ihò tóóró dé orí ẹ́ńjìnnì. Bó bá sì ki púpọ̀, ó lè ti fáàfù àbùjá inú fíltà ṣí, kí ọ́ìlì máa kọjá láìsẹ́. Àwọn kan á ní kò sí yìnyín níbi tí àwọn ń gbé, W ò kan àwọn. Lóòótọ́, 30 dígíìrì nísàlẹ̀ òdo ni SAE J300, ìlànà tí wọ́n fi ń pín ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ìsọ̀rí, ti ń dán 5W wò bóyá ẹ́ńjìnnì á yí, 15 nísàlẹ̀ òdo sì ni ti 20W. Ṣùgbọ́n lójú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ní 100, òtútù ni 25 dígíìrì náà.

Ká má rẹ́ 20W-50 jẹ: ní 150 dígíìrì, níbi tí irin ti ń fi ìyára yọ̀ kọjá lára irin, ìlànà ń béèrè pé kí kíki rẹ̀ má dín sí 3.7 lórí òṣùwọ̀n sẹ́ńtípọ́ìsì, 2.9 ni ti 5W-30. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ ń tù, tàbí èyí tí ìwé rẹ̀ dárúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni ààyè rẹ̀ wà.

Ní ti epo bẹntiróòlù, 5W-30 kì í jẹ ẹ́ bíi ti èkejì.

Bó bá sì jẹ́ pé iná ọ́ìlì tó ń tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná ló ń sún yín sí 20W-50, ẹ kọ́kọ́ fi géèjì wọn agbára ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó ki lè pa iná yẹn, bíárìn tó ti jẹ á sì wà níbẹ̀ tí yóò máa jẹ lọ.