Mo lo àkójọ ètò ẹ̀kọ́ lórí ìdá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ète ń lọ sọ́tùn-ún, ìdánwò ń lọ sósì

Àkójọ ètò ẹ̀kọ́ 12 lórí ìdá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, irú èyí tí olùkọ́ máa ń rà, tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, tí yóò sì gbé e wọ kíláàsì láìtún jókòó kọ nóòtì. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é. Àwọn ọmọ ọdún 9 sí 10 ni mo ń kọ́, 28 sì ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi lò ó. Bí wọ́n ṣe ní kí n lò ó gẹ́lẹ́ ni mo kọ́kọ́ lò ó, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀.

Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ète ẹ̀kọ́ wà lókè, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ máa ṣe wà láàárín, ìgbéléwọ̀n wà nísàlẹ̀. Àwòrán inú rẹ̀ mọ́ kedere, ìtọ́ni rẹ̀ kò sì gùn. Olùkọ́ tó rẹ̀ lè kà á lálẹ́, kó sì fi kọ́ni láàárọ̀. Mo gbádùn ìyẹn gan-an. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ ni pé ẹnu ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kì í sábà kò.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ló là mí lójú. Ète tí wọ́n kọ síbẹ̀ dára púpọ̀: ní òpin ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè fi ìdá méjì tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀ wé ara wọn, yóò sì ṣàlàyé ìdí tí ọ̀kan fi tóbi ju èkejì lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fún àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n kun àwòrán tí wọ́n ti pín sílẹ̀, kí wọ́n sì wá káàdì nọ́ńbà tó bá àwòrán kọ̀ọ̀kan mu. Lẹ́yìn èyí ni ìgbéléwọ̀n dé, ìbéèrè márùn-ún, kí ọmọ fi àmì yíká èyí tó tóbi jù: 3/4 àti 2/5, 5/6 àti 1/4, 4/5 àti 3/5, 7/8 àti 3/10, 2/3 àti 1/6.

Ọmọ 25 nínú 28 ló gba mẹ́rin tàbí márùn-ún. Inú mi dùn, mo ti ń múra láti kọjá sí ẹ̀kọ́ karùn-ún. Ṣùgbọ́n mo pe ọmọ kan tó gba márààrún sójú pátákó, kó wá ṣàlàyé fún àwọn yòókù. Mo bi í pé, “Kí ló jẹ́ kó o mú 3/4?” Ó ní, “Torí pé 3 ju 2 lọ, mà.” Ọkàn mi já díẹ̀. Mo wá kọ 3/7 àti 2/3 sójú pátákó, mo ní kó mú èyí tó tóbi. Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “3/7 ni, mà. 3 ju 2 lọ, 7 náà sì ju 3 lọ.” Àwọn kan ti ń mi orí láti ẹ̀yìn, wọ́n gbà pé òótọ́ ló sọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tún ìbéèrè márààrún wò, mo sì fi àtàǹpàkò bo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. 3 àti 2. 5 àti 1. 4 àti 3. 7 àti 3. 2 àti 1. Ọmọ tí kò wo ìsàlẹ̀ rárá, tó kàn ń mú nọ́ńbà òkè tó tóbi, yóò gba márùn-ún nínú márùn-ún. Ìkẹta tiẹ̀ burú sí i, nítorí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ méjèèjì dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ète sọ pé èyí tó yàtọ̀ ni a ń kọ́. Kò sì sí ibì kankan tí wọ́n ti ní kí ọmọ ṣàlàyé, nígbà tó jẹ́ pé àlàyé ni ìdajì ète yẹn.

Mo wá wo iṣẹ́ àárín náà. Ohun tí mo bi ara mi ni pé, nígbà tí ọmọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, kí ni ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe? Ó ń ka iye apá, ó ń kùn ún, ó ń wá káàdì. Kò fi ìdá kankan wé òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. John Biggs, ẹni tó kọ̀wé lórí ìbámu ète, iṣẹ́ àti ìgbéléwọ̀n ní 1996, gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe, kì í ṣe ohun tí olùkọ́ ń ṣe níwájú kíláàsì. Ní ẹ̀kọ́ kẹrin yìí, ọ̀rọ̀-ìṣe inú ète ni “fi wé” àti “ṣàlàyé”. Ohun tí ọmọ ṣe ní kíláàsì ni “kà” àti “kùn”. Ohun tí ìdánwò bèèrè ni “mú ọ̀kan”. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

Mo tún un ṣe láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìdánwò ni mo kọ́kọ́ kọ, mo sì wá oríṣi àṣìṣe tí ọmọ lè máa fi sọ́kàn kí n tó mú ìdá kankan. Mo kọ 3/7 àti 2/3 fún ẹni tó ń wo nọ́ńbà òkè nìkan. Mo kọ 2/5 àti 2/9 fún ẹni tó rò pé nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tó tóbi ló ń mú ìdá tóbi. Lẹ́yìn tí ọmọ bá sì ti gbọ́ pé nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ńlá ń mú kí apá kọ̀ọ̀kan kéré, ó tún lè gbé e gba ọ̀nà kejì, kó máa mú nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kékeré láìwo òkè. 3/8 àti 1/3 ló ń mú ìyẹn, torí pé 9/24 ni 3/8, 8/24 ni 1/3. Ìkẹrin ni mo fẹ́ràn jù: 5/6 àti 7/8. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa sọ pé wọ́n dọ́gba, torí pé ẹyọ kan ló kù kí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé. Wọn ò rò ó pé ẹyọ tó kù nínú 7/8 kéré ju èyí tó kù nínú 5/6 lọ.

Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gba máàkì méjì, ọ̀kan fún ìdáhùn, ọ̀kan fún ìdí, yálà gbólóhùn kan tàbí àwòrán. Kí n tó fún wọn ni mo ti kọ àpẹẹrẹ ìdí tí mo máa gbà sílẹ̀. Fún 3/7 àti 2/3, mo gba “3/7 kò tó ìdajì, 2/3 ju ìdajì lọ”. Mi ò gba “torí pé 2/3 ló tóbi jù”, nítorí ìdáhùn kan náà ló tún sọ.

Nígbà tí mo gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún kíláàsì kan náà yìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe dáadáa nínú ìdánwò inú àkójọ, ọmọ 9 péré ló gba máàkì tó ju mẹ́rin lọ nínú mẹ́jọ.

Iṣẹ́ kíláàsì ló wá kù. Mo gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́ sí sẹ̀ǹtímítà 24 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ rẹ̀. Mo yan 24 torí pé ó ṣeé pín sí 3, 6 àti 8 láìní ìyókù, torí náà ọmọ lè fi rúlà sààmì 1/3 sí 8, 3/8 sí 9, 5/6 sí 20, 7/8 sí 21. Wọ́n á tẹ́ pépà méjì, ọ̀kan sísàlẹ̀ èkejì, wọ́n á sì sọ fún ẹnìkejì wọn ìdí tí èyí fi gùn ju ìyẹn lọ. Odindi náà dọ́gba ní gbogbo ìgbà, èyí tí àwòrán inú àkójọ kò fiyè sí: níbẹ̀ ni mo ti rí 1/2 nínú róńdó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1/3 nínú àpótí ńlá, tí 1/3 sì wá tóbi lójú ju 1/2 lọ.

Èmi náà ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ kìíní. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ń sọ pé “9 ju 8 lọ, ó tán”. Rúlà ni wọ́n ń kà. Wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ ìdá ti fò lọ, a sì tún ti padà síbi tí a ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa gùn jù, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan pépà. Pépà wá di ohun tí wọ́n fi ń yẹ ọ̀rọ̀ ara wọn wò. Ní ìdajì kejì ẹ̀kọ́ náà, mo kó pépà kúrò nílẹ̀, a ń ya ìlà sínú ìwé. Ní ìparí, ẹnu nìkan ló kù, torí pé kò ní sí pépà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìdánwò. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ méjì bẹ́ẹ̀, mo fún wọn ní ìbéèrè mẹ́rin míì tó ń mú àṣìṣe kan náà pẹ̀lú ìdá ọ̀tọ̀, ọmọ 19 ló gba ju mẹ́rin lọ. Irú 5/6 àti 7/8 ṣì ń fún àwọn yòókù ní wàhálà.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ló rí báyìí. Ẹ̀kọ́ keje, lórí àròpọ̀ ìdá tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ wọn dọ́gba, gún régé: ète ní kí ọmọ ṣírò, iṣẹ́ ní kó ṣírò, ìdánwò ní kó ṣírò. Mo lò ó bó ṣe wà. Nínú ẹ̀kọ́ kejì, ète gan-an ló ṣàìsàn. “Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lóye ìdá” ni wọ́n kọ, kò sì sí ẹni tó lè fojú rí òye. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú rẹ̀ dára, ìdánwò rẹ̀ sì bá iṣẹ́ náà mu. Pínpín pépà sí apá tó dọ́gba ni wọ́n ń ṣe nínú méjèèjì. Ète nìkan ni mo yí padà sí “yóò lè pín odindi sí apá tó dọ́gba, yóò sì dárúkọ apá kan”. Olùkọ́ tó bá ń tún ètò ṣe, kó má kánjú gbá ìdánwò mú lójoojúmọ́. Nínú ẹ̀kọ́ kẹsàn-án, ète ní kí ọmọ gbé ìṣòro tirẹ̀ kalẹ̀, ìdánwò sì ní kó yanjú ti ẹlòmíì. Ibẹ̀ ni mo wà báyìí.

Fún olùkọ́ tó ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti fi tún ìgbéléwọ̀n kọ, màá ní kó rà á, torí pé àwòrán àti káàdì rẹ̀ gba olùkọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ lò ó bó ṣe wà, kó lo ẹ̀kọ́ karùn-ún sí ìkẹjọ, kó sì fi ẹ̀kọ́ kẹrin àti ìkẹsàn-án sílẹ̀ títí tí àwọn tó ṣe é yóò fi tún ìdánwò wọn kọ.