Olùdókòwò àdáni tàbí owó àkójọ orí ayélujára: èwo ni kí n mú?

Ká ní ẹ nílò 50,000 dọ́là láti ṣe ẹ̀rọ kékeré kan. Olùdókòwò àdáni gbà pé iléeṣẹ́ yín tó 200,000 kí owó òun tó wọlé. Bí owó náà bá wọlé, iléeṣẹ́ di 250,000, ìpín tirẹ̀ sì jẹ́ ìdá 20 nínú 100. (Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ 25, torí wọn ò ro owó tuntun mọ́ ọn.) Bí ọjà bá kú, ẹ kò ní dá owó padà, àmọ́ bó bá yọrí, ìpín yẹn ti kúrò lọ́wọ́ yín.

Lórí Kickstarter, tó jẹ́ ìkànnì owó àkójọ orí ayélujára, ẹ kò fún ẹnikẹ́ni ní ìpín. Ká ní 500 ènìyàn san 100 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ṣáájú kí ẹ tó ṣe ẹ̀rọ náà fún wọn. Kickstarter á yọ ìdá 5 nínú 100, ìyẹn 2,500, yàtọ̀ sí owó tí àwọn tó ń gba owó káàdì máa yọ. Bí ṣíṣe ẹ̀rọ kan àti fífi í ránṣẹ́ bá jẹ́ 70, 35,000 ti lọ. Ohun tó kù fún yín kò tó 12,500! Bí iye tí ẹ kéde kò bá sì pé, ẹ kò ní gba nǹkan kan.

Tí ẹ bá ti ní àpẹẹrẹ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, tí ẹ sì mọ iye tí ẹyọ kan máa ná yín, owó àkójọ ni mo máa mú. Tí ìwádìí bá ṣì pọ̀ níwájú, olùdókòwò ló yẹ kí ẹ wá.