Ìkéde iṣẹ́ àti ìbéèrè 12 tí mo rà láti fi gba ọmọ ṣọ́ọ̀bù: ohun tí ojú mi rí

Ṣọ́ọ̀bù próvíṣàn ni mo ní ní Àpáta, n'Ìbàdàn. Láàárín ọdún kan, ọmọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló kúrò lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi ní ọ̀nà jìn jù. Èkejì ń ta àwìn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta kò mọ ìṣirò ṣéńjì, ojú sì ń tì í láti sọ. Nígbà tí mo rí obìnrin kan tó ń ta ìkéde iṣẹ́ àti ìbéèrè tó ti tò sílẹ̀ fún àwa oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké ní ₦6,500, mo rà á. Ojú ìwé mẹ́ta ni: ìkéde tí èèyàn máa fi àlàyé tirẹ̀ kún, ìbéèrè 12, àti ìwé máàkì. Oṣù kẹrin rèé tí ẹni tí mo fi gbà ti ń bá mi ṣiṣẹ́, mo lè sọ èyí tó dáa níbẹ̀ àti èyí tí kò dáa.

Ìkéde tí èmi fúnra mi máa ń kọ tẹ́lẹ̀ ò ju báyìí lọ: "A ń wá omidan olóòótọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kára. Ẹ pe nọ́ńbà yìí." Gbogbo ẹni tó bá rí i ló máa gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí, torí kò sí ẹni tó máa pe ara rẹ̀ ní olè tàbí ọ̀lẹ. Fóònù mi kì í sinmi, ìbéèrè kan náà ni màá sì máa dáhùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀: èló lẹ ń san, aago mélòó lẹ ń ṣí. Ìkéde tí mo rà kò ní "olóòótọ́" nínú rárá. Bó ṣe rí lẹ́yìn tí mo fi tèmi kún un nìyí:

"Ṣọ́ọ̀bù próvíṣàn ní Àpáta ń wá olùtajà kan, ọkùnrin tàbí obìnrin. Aago 8 àárọ̀ sí aago 7 alẹ́, Mọ́ńdè sí Sátidé. Owó oṣù ₦70,000 àti oúnjẹ ọ̀sán. Iṣẹ́ náà ni títa ọjà, gbígba owó, gbígbé páálí, àti kíka ọjà lálaalẹ́. A ó béèrè onídùúró méjì. A kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Ẹ má pè. Ẹ fi fọ́ísì nóòtì ránṣẹ́, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ń gbé àti iye mọ́tò tí ẹ máa wọ̀ dé Àpáta, iṣẹ́ tí ẹ ṣe kẹ́yìn àti ohun tó fà á tí ẹ fi kúrò, àti ọjọ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀."

Mo kọ́kọ́ lọ́ra láti kọ owó oṣù síta. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, tí wọ́n sọ di ₦70,000 lọ́dún 2024, kò de ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, èmi nìkan ni mo sì máa pinnu ohun tí mo fẹ́ san. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ ọ́ tán, àwọn tí owó náà kò tẹ́ lọ́rùn kò wá rárá. Ti mọ́tò yẹn náà ṣe bẹbẹ. Ẹnì kan láti Mọ́níyà fúnra rẹ̀ ka mọ́tò mẹ́ta, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Mà, ó dà bíi pé ó máa jìn fún mi." Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni irú èyí máa ń hàn sí mi. Àwọn tí wọ́n sì pè dípò kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́, mo yọ wọ́n kúrò. Ẹni tí kò ka ìkéde dé ìparí, báwo ló ṣe máa ka ọjọ́ tó wà lára páálí mílíìkì?

Fọ́ísì nóòtì 19 ló wọlé, mo pe mẹ́fà wá síbi ìbéèrè.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ló tó owó tí mo san. Ti àkọ́kọ́ ni ìṣirò. Kọ́sítọ́mà ra mílíìkì alágolo mẹ́ta, ₦850 lọ́kọ̀ọ̀kan, àti búrẹ́dì ₦1,400. Ó san ₦5,000, o fún un ní ṣéńjì. Kó tó kúrò, ó dá mílíìkì kan padà, ó ní kí o fún òun ní Máílò onísáṣẹ́ẹ̀tì méjì, ₦200 lọ́kọ̀ọ̀kan. Èló lo máa fún un sí i? Ṣéńjì àkọ́kọ́ jẹ́ ₦1,050, àfikún sì jẹ́ ₦450. Mo gbà wọ́n láàyè kí wọ́n lo ẹ̀rọ ìṣirò, torí wọ́n máa lò ó lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀ ẹni méjì nínú mẹ́fà ló gbà á. Àwọn tó kù fẹ́ san ₦850 padà, wọ́n gbàgbé Máílò.

Èkejì ni ti tíránsífà. Ṣọ́ọ̀bù kún, ọ̀gá rẹ kò sí, kọ́sítọ́mà na fóònù rẹ̀ sí ọ, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n fóònù ṣọ́ọ̀bù kò dún. Ẹnì kan ní òun máa yẹ àlẹ́ẹ̀tì tó wà lórí fóònù kọ́sítọ́mà wò dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń gbá wa, torí àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú jọ ojúlówó. Ẹlòmíì ní bí òun bá mọ̀ ọ́n lójú, òun á jẹ́ kó máa lọ. Ìdáhùn tó gba máàkì ni kí o tọ́jú ọjà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o wo owó nínú áàpù ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, kí o máa dá àwọn tó kù lóhùn títí yóò fi wọlé.

Ẹ̀kẹta ló mú mi mọ ẹni tí mo gbà. "Sọ fún mi nípa ọjọ́ kan tí owó tàbí ọjà dín lọ́wọ́ rẹ." Ẹni mẹ́rin ní kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tó bá ti tajà lóòótọ́, owó ti dín lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ọmọbìnrin kan ní ₦2,300 dín lọ́jọ́ kan tí òun fún ẹnì kan ní ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í bí ìwé ṣe ní kí n bi í: ta lo kọ́kọ́ sọ fún, ìgbà wo? Ó ní òun sọ fún ọ̀gá òun kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn, wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó oṣù. Mo pe ọ̀gá yẹn, mo bi í bóyá ó máa gbà á padà. Ó ní, "Lónìí tó bá wá."

Àléébù wà níbẹ̀ o. Ìwé máàkì fún gbogbo ìbéèrè ní máàkì 2, ó ní ẹni tó bá gba 16 nínú 24 yege. Ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ gba 17, bẹ́ẹ̀ ó kùnà ìṣirò àti tíránsífà. Mo sọ ọ́ di pé ẹni tó bá kùnà èyíkéyìí nínú méjèèjì kò lè wọlé, iye yòówù kó gbà. Ìbéèrè kẹsàn-án ń béèrè bóyá obìnrin fẹ́ bímọ láìpẹ́. Mo fa bírò lé e lórí. Kò kàn mí, kò sì sọ nǹkan kan fún mi nípa ọjà títà. Ìwé náà tún ní kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò láìsan owó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dán an wò, mo sì sanwó rẹ̀.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó jù ni fọ́ọ̀mù onídùúró. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nìkan ló béèrè. Mo pe onídùúró ẹnì kan nínú àwọn tó yege díẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n fi òun ṣe onídùúró. Látìgbà náà, mo ń béèrè ibi iṣẹ́ onídùúró, mo sì ń lọ síbẹ̀ kó bu ọwọ́ lùwé lójú mi.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún un. Bí kérésì bá sún mọ́lé tí mo fẹ́ gba ẹnì kan sí i, ìkéde yẹn ni màá tún gbé jáde. Iye owó nìkan ni màá yí padà.